Bí ìyá ṣe ń di ìyà lẹ́nu akọrin

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń darí àwọn akọrin ìjọ wa. Ìyá mi fẹ́ ṣe àádọ́rin ọdún, mo sì kọ orin kan fún wọn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Ìyá mi, mo dúpẹ́ o." Ohùn orin tí mo fi sí i ni d d r m m r d. Mo fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé tí mo fún àwọn akọrin, síbẹ̀ "ìyà mi" ni gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ń gbọ́. Ṣé ẹjọ́ akọrin ni àbí tèmi? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ lè jókòó sí nínú orin?*

Àbúrò mi, ẹ má bá àwọn akọrin yín wí. Ohun tí ẹ fi lé wọn lọ́wọ́ ni wọ́n kọ. Ohùn orin yẹn fúnra rẹ̀ ló ń pe ìyà. Ẹ wo sílébù mẹ́ta àkọ́kọ́: ẹ fi "ì" sórí d, ẹ fi "yá" sórí d kan náà, ẹ wá gbé "mi" lọ sórí r. Ohùn méjì dúró sójú kan nísàlẹ̀, ẹ̀kẹta gòkè díẹ̀. Bí a ṣe ń sọ "ìyà mi" gan-an nìyẹn. Ẹni tó jókòó láàárín ìjọ kò rí àmì tí ẹ fi sórí ìwé. Ohùn ló ń gbọ́, ohùn náà sì ti sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kí àlàyé tó dé.

Ohun tó máa ń ṣi àwa tí a ń kọ orin lọ́nà ni pé a rò pé àmì ohùn ń sọ bí ohùn ṣe gbọ́dọ̀ ga tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ọmọ ọdún márùn-ún bá sọ pé "ìlù," ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ lè ga ju ohùn òkè àgbà ọkùnrin tó ń sọ pé "ìlú." Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa ṣi ọ̀kan gbọ́ sí èkejì. Ìrìn ni etí wa ń ṣọ́. Láti sílébù kan dé èyí tó tẹ̀ lé e, ṣé ohùn gòkè ni, ṣé ó wálẹ̀ ni, àbí ó dúró sójú kan? Ìdí nìyẹn tí onídùndún fi lè kì yín láìla ẹnu, tí ẹ ó sì dá oríkì yín mọ̀.

Kí n sọ èyí kí n má baà gbàgbé: dò re mí tí wọ́n fi kọ́ wa ní ohùn nílé ẹ̀kọ́ kì í ṣe d r m orí dùùrù. Orúkọ ìpele mẹ́ta lásán ni. Mo ti rí àwọn tó kó gbogbo ohùn ìsàlẹ̀ sórí d, ti àárín sórí r, ti òkè sórí m, láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé ìparí. Kò sí ọ̀rọ̀ tí èèyàn máa ṣì gbọ́ nínú irú orin bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ sísọ tí wọ́n fà gùn ni, kò tíì di orin. Ohùn òkè lè wà lórí m níhìn-ín, kó wà lórí l níwájú, kó tún padà sórí r, bó bá ṣáà ti ga ju ohùn àárín tàbí ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àyè tí ẹ ní láti dá ohùn orin pọ̀ gan-an.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tú gbólóhùn yín palẹ̀.

```
Ì    yá   mi,  mo   dú   pẹ́   o
d    d    r    m    m    r    d
```

Sílébù méje ni, ìrìn mẹ́fà ló wà láàárín wọn. Láti "ì" dé "yá," ó yẹ kí ohùn gòkè, tiyín dúró. Láti "yá" dé "mi," ó yẹ kó wálẹ̀, tiyín gòkè. "Mi" àti "mo," ohùn àárín ni méjèèjì, ó yẹ kí wọ́n dọ́gba, tiyín gòkè. Láti "mo" dé "dú," ó yẹ kó gòkè, tiyín dúró. "Dú" àti "pẹ́," ohùn òkè méjì tó yẹ kó dọ́gba, tiyín wálẹ̀. Láti "pẹ́" dé "o" nìkan ni orin yín ti rìn bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn. Ọ̀kan péré nínú mẹ́fà.

Àmọ́ márùn-ún tó kù kò burú bákan náà, ibí yìí sì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí, torí orin tó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ní gbogbo ìrìn rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Èyí tó burú jù ni kí orin yí ìrìn padà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kó máa wálẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń gòkè. Ọ̀bẹ gòkè, ọbẹ̀ wálẹ̀. Ẹ yí ìrìn náà padà, ẹ ti bu ọbẹ̀ fún ẹni tó bèèrè ọ̀bẹ. Èyí tó tẹ̀ lé e ni kí orin dúró níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń rìn, bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí ìyá yín. Èyí tó fúyẹ́ jù ni kí orin rìn díẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti dúró, pàápàá tó bá jẹ́ pé ó wálẹ̀ ni. Nínú ọ̀rọ̀ sísọ náà, bí gbólóhùn bá ṣe ń gùn ni ohùn wa ń rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, etí ti mọ́ ọn. "Dúpẹ́" tiyín tó lọ láti m sí r kò dára tó, àmọ́ gbogbo ayé á ṣì mọ̀ pé ọpẹ́ lẹ ń dá.

Ààlà láàárín ọ̀rọ̀ méjì sì máa ń fàyè gbà ju inú ọ̀rọ̀ kan lọ. Níbi tí a bá ti dánu dúró, bíi lẹ́yìn "ìyá mi," ohùn lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun níbi tó bá wù ú. Ìyẹn ni pé ìgbòkè láti "mi" sí "mo" nínú orin yín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Inú "ìyá" gan-an ni ìṣòro wà, ó sì wà níbẹ̀ torí pé ìyà ń bẹ ní ilé kejì tó ń dúró dè é. Ẹ wo "Jésù." Ó yẹ kó wálẹ̀, àmọ́ àìmọye orin ìjọ ló mú un gòkè, kò sì sẹ́ni tó ń ṣì í gbọ́, torí kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tó lè gba ipò rẹ̀. Ìlú kò rí irú àǹfààní yẹn, ìlù wà níbẹ̀. Ẹwà náà kò rí i, ẹ̀wà wà lórí iná. Ti ọkọ ló le jù, torí ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ló yí i ká. Irú àwọn ọ̀rọ̀ báyìí ni mo máa ń kọ́kọ́ fàlà sí nídìí kí n tó fọwọ́ kan dùùrù. Àwọn ni mo máa ń wá ibùjókòó fún ṣáájú, àwọn tó kù á máa sún mọ́ wọn.

Ọ̀nà méjì ló wà láti tún tiyín ṣe. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ yí ohùn orin padà.

```
Ì    yá   mi,  mo   dú   pẹ́   o
d    s    m    f    l    l    s
```

Ẹ kọ ọ́ wò. "Ìyá" fò láti d lọ sí s, kò sí ọ̀nà tó fi lè di ìyà mọ́. "Mi" sọ̀ kalẹ̀ sí m. "Mo" bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun lórí f, àyè sì wà fún un torí ìdánudúró tó ṣáájú rẹ̀. "Dúpẹ́" dúró dọ́gba lórí l, "o" wá rọ̀ sílẹ̀. Ẹ kíyè sí "o" yẹn. Tí gbólóhùn orin bá parí sí ohùn òkè bíi "dúpẹ́," ó máa ń ṣòro láti mú orin wálẹ̀ síbi ìsinmi, torí ìsinmi ń fẹ́ ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ sì kọ̀ láti wálẹ̀. "O" tó ní ohùn àárín ló ń fún orin ní ibi tó máa fẹsẹ̀ lé. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí ni mo ti jáwọ́ nínú kíkà á sí ọ̀rọ̀ tí a kàn fi dí àyè.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ fi ohùn orin sílẹ̀, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu. D d r m m r d ń bèèrè ìsàlẹ̀ méjì, àárín kan, òkè méjì, àárín kan, kó tó parí sí ìsàlẹ̀. Èyí jókòó síbẹ̀ pẹ́kí:

```
Ì    wà   're  ló   dá   ra   jù
d    d    r    m    m    r    d
```

Ìrìn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló bá ara mu. Ó tún yẹ ẹni tó ti lo àádọ́rin ọdún láyé. Ìdí tí ìparí rẹ̀ fi dùn létí ni pé ohùn ìsàlẹ̀ tó wà níparí gbólóhùn máa ń rì sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ sísọ, ohùn orin náà sì rì sórí d. Tí ẹ bá fi "jù" yẹn sórí r tí "ra" wà, tí ẹ sì fà á gùn, ohùn àárín ni wọ́n máa gbọ́.

Títí dé ibí yìí, àmì tí ẹ kọ ni mo ń bá rìn. Àwọn ohun kan wà tí àmì kò sọ tàbí tí a kì í kọ, ibẹ̀ sì ni ẹni tó mọ àmì dáadáa ti ń ṣubú.

Ẹ sọ "Ìyá mi dé" sókè bí ẹni tó rí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Inú ìwé, "mi" kò ní àmì lórí, ohùn àárín ni. Lẹ́nu yín, ó gòkè: "ìyá mí dé." Tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá jẹ́ olùwà, tí ọ̀rọ̀ ìṣe sì tẹ̀ lé e, sílébù tó gbẹ̀yìn nínú olùwà náà máa ń gba ohùn òkè lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ a kì í sábà kọ ọ́ sílẹ̀. "Òjò rọ̀" di "òjòó rọ̀." Ṣùgbọ́n nínú "Ìyá mi, mo dúpẹ́," ńṣe lẹ ń pè wọ́n, wọn kì í ṣe olùwà, "mi" sì dúró sí àárín. Nínú "Ìyá mi kò dé" náà, kò gòkè. Nítorí náà, "ìyá mi" kan náà, ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kò sì ní ìjókòó kan náà. D s m bá ìpè mu, ó sì bá "kò dé" mu. Fún "Ìyá mi dé," d s s s ló tọ́. Tí ẹ bá fi d s m s kọ ọ́, ó máa dà bí ẹni tó ń ka ìwé tí kò gbọ́ èdè náà. Mi ò mọ èyí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Onígángan àgbàlagbà kan ló fi hàn mí: mo ka gbólóhùn kan fún un látinú ìwé, ó lu ohun tí ẹnu ń sọ, kò lu ohun tí mo kọ. Mo rò pé ó ṣì í lù, títí tó fi ní kí n tún gbólóhùn náà sọ láìwo ìwé.

"Ń" ni ìkejì. "Mo ń jó" kì í ṣe sílébù méjì, mẹ́ta ni: àárín, òkè, òkè. "Ń" ní ohùn tirẹ̀, nótì tirẹ̀ sì tọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ akọrin ló ń gbé e mì torí ẹni tó kọ orin kò fún un ní àyè, "mo ń jó" á wá di "mo jó," ijó tó ń lọ lọ́wọ́ á di ijó àná. Ẹ fún un ní ìdajì ìlù, ó tó o.

Ìkẹta ni fífa sílébù kan lórí nótì púpọ̀. Ohùn òkè tó tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀ kì í fò lójijì, ńṣe ló máa ń yọ́ gòkè. Tí ẹ bá fẹ́ fi nótì méjì sí "yá," ẹ jẹ́ kó jẹ́ m lọ sí s. Tó bá jẹ́ s wá sí m, ẹ ti fi ohùn ìsàlẹ̀ kan kún un, "ìyáà" ni wọ́n máa gbọ́. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ṣe ọ̀ṣọ́ gan-an, ẹ wá ọ̀rọ̀ tí fáwẹ̀lì rẹ̀ ti gùn tẹ́lẹ̀ tó sì ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. "Aláàánú" wà níbẹ̀: r m d m m. Àárín rẹ̀, "áàá," jẹ́ òkè, ìsàlẹ̀, òkè. Ẹ lè lọ́ ohùn níbẹ̀ bó bá ṣe wù yín, ọ̀rọ̀ náà kò ní bàjẹ́, torí ó ti lọ́ kí orin tó dé.

Ẹ kò bi mí léèrè ẹsẹ kejì, àmọ́ mo mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ohùn orin tí ẹ ti fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ kìíní dá, ṣé ẹsẹ kejì lè wọ̀ ọ́? Ó lè wọ̀ ọ́ tí ìrìn rẹ̀ bá jọ ti àkọ́kọ́. Lórí d s m f l l s tí mo kọ sókè yẹn, "Ọ̀rẹ́ wa, ẹ wá jó o" jókòó láìku síbì kan: ìsàlẹ̀, òkè, àárín, àárín, òkè, òkè, àárín. Ẹ wá fi "Bàbá mi, ẹ ṣeun o" síbẹ̀. "Bàbá mi" wọlé dáadáa. "Ṣeun," ohùn àárín méjì tí kò yẹ kó ga ju "ẹ" tó ṣáájú rẹ̀, ni orin gbé lọ sórí l. Ọ̀rọ̀ náà kò di òmíràn, àmọ́ ó máa dún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Yorùbá. Ẹ lè ṣe ẹsẹ méjì tí ìrìn wọn jọra pẹ̀lú sùúrù. Ẹsẹ márùn-ún, ìyà ni o, ọ̀rọ̀ tó dára jù lọ́kàn yín ni ẹ ó máa sọ nù torí ohùn.

Ibi tí orin ìjọ wa ti kọ́kọ́ kọsẹ̀ nìyí. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n mú wá, wọ́n sì to ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i lẹ́sẹ lẹ́sẹ, iye sílébù nìkan ni wọ́n kà. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹsẹ náà yàtọ̀, ohùn orin kan náà ni, kò sì sí bí gbogbo wọn ṣe lè jókòó. Àwọn kan rí i kíákíá. J. J. Ransome-Kuti, àlùfáà ọmọ Abẹ́òkúta, fi ohùn orin ilẹ̀ wa kọ orin ìjọ, ó sì gbé e sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Èkó láti 1914 títí di 1962, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ orin tó ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti yanjú ọ̀rọ̀ ẹsẹ kejì kí dùùrù tó dé, lílé àti ègbè ni wọ́n fi yanjú rẹ̀. Ègbè kì í yí ọ̀rọ̀ padà, nítorí náà ohùn orin rẹ̀ lè dúró gbọin. Ọ̀rọ̀ kan, ohùn kan, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tó ń lé orin ló ń yí ọ̀rọ̀, òun nìkan ló wà níbẹ̀, kò sì sí ohun tó dè é mọ́ nótì kan. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe yí ló ń yí ohùn orin tirẹ̀, kó ṣáà ti parí síbi tí ègbè ti máa gbà á.

Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, ohun tí mo máa ṣe sí orin ìyá yín nìyẹn. "Ìyá mi, mo dúpẹ́ o" á di ègbè lórí d s m f l l s, gbogbo akọrin ni yóò máa gbè é. Ẹ wá ẹnì kan tó lóhùn tó sì gbọ́ Yorùbá dénú, kó máa lé oríkì wọn, orúkọ àwọn ọmọ wọn, ìwà're wọn. Ẹ má kọ nótì fún un. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹ sọ fún un pé kó parí gbogbo lílé síbi tí d ti máa rọrùn fún àwọn tó ń gbè.

Kí ẹ tó gbé e síwájú ìjọ, ẹ dán an wò báyìí. Ẹ wá ẹni tí kò tíì gbọ́ orin náà rí, tí kò sì rí ìwé. Kí akọrin kan fi ètè pípa hùn ohùn orin ègbè náà, láìsọ ọ̀rọ̀ kankan. Ẹ ní kó yan nínú mẹ́ta tí ẹ máa sọ fún un: ọ̀rọ̀ orin yín gangan, "ìyà mi" tí ẹ ń sá fún, àti gbólóhùn mìíràn tí iye sílébù rẹ̀ bá tiyín dọ́gba. Ẹ bi èèyàn bíi márùn-ún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ẹni méjì nínú wọn bá yan èyí tí kì í ṣe tiyín, ẹ padà sídìí dùùrù, sílébù kan ṣì wà tó ń rìn ní ìdàkejì. Ẹ kọ́kọ́ wo inú àwọn ọ̀rọ̀ tó ní ìkejì, lẹ́yìn náà ẹ wo ìparí olùwà gbogbo, kí ẹ sì ka àwọn "ń" yín bóyá gbogbo wọn ló ní nótì. Tí ẹ bá ti kọ ọ̀rọ̀ lílé náà tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ tó pé, mo fẹ́ gbọ́ ọ.